Ìdá Ìfojúkojú Nínú Ihò Gígùn Onígun Mẹ́ta

Kì í ṣe gbogbo ooru tí ó tàn kúrò lára ojú kan ni ó máa ń bá ojú kejì. Ìpín tí ó bá a ní tààrà ni ìdá ìfojúkojú. F12 ni ti ìtànṣán tí ó lọ láti ojú 1 sí ojú 2.

Bí ihò kan bá gùn púpọ̀, tí ojú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́jú, tí wọ́n sì fẹ̀ ní mítà 3, 4 àti 5, òfin méjì péré ni ó tó láti rí gbogbo ìdá náà. Ojú tí ó tẹ́jú kò lè rí ara rẹ̀, nítorí náà òfin àròpọ̀ sọ pé:

F12 + F13 = 1

Bákan náà ni fún ojú yòókù. Òfin pàṣípààrọ̀ sì sọ pé:

A1F12 = A2F21

Bí a bá fi ìtóbi ojú kọ̀ọ̀kan sọ àròpọ̀ tirẹ̀ di púpọ̀, tí a ro ti ojú 1 àti 2 pọ̀, tí a sì yọ ti ojú 3 kúrò, ohun tí ó kù ni:

2A1F12 = A1 + A2 − A3

F12 = (3 + 4 − 5)/6 = 1/3

F13 di 2/3. Pàṣípààrọ̀ fún F21 ní 1/4, F23 sì di 3/4. F31 jẹ́ 2/5, F32 sì jẹ́ 3/5. Àròpọ̀ wọn pé 1.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé F21 dọ́gba pẹ̀lú F12. F23 yóò di 2/3, F32 yóò di 8/15, àròpọ̀ ojú 3 yóò sì jẹ́ 14/15. Ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú.

Bí ojú kan bá tẹ̀ kòtò, ó ń rí ara rẹ̀. F11 kì í ṣe òdo mọ́.