Túùbù Ọrùn Nílé: Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Gbígbẹ Ni Ká Máa Ṣọ́

Imú ń ṣe iṣẹ́ kan tí a kì í kà sí. Òun ló ń sẹ́ eruku inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, òun ló ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì ń fún un ní ọ̀rinrin kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí àwọn dókítà bá dá ihò sí lọ́rùn tí wọ́n fi túùbù sí i, bóyá nítorí jàǹbá ọkọ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí jẹjẹrẹ ọ̀fun, ọrùn ló ń gbà mí. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń wọlé tààrà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á ki, á lẹ̀ mọ́ inú túùbù, á sì máa gbẹ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ògì tó gbẹ sí etí ìkòkò. Bó bá pọ̀ tó, ó di ìdérí.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà nílé máa lé kiri nìyẹn. Ó burú jù lásìkò ọyẹ́, ó sì burú nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ẹ máa lo ohun ìbòrùn tí ilé ìwòsàn bá fún yín láti mú kí ọ̀rinrin má kúrò. Bí wọ́n bá ní kí aláìsàn máa fa oruku omi iyọ̀ láti inú ẹ̀rọ, ẹ má fò ó. Ẹ máa wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń jáde. Èyí tó ṣàn tó sì funfun dára. Èyí tó ki tó ń fà bí ọ̀dà ń sọ pé ọ̀rinrin kò tó. Èyí tó ní àwọ̀ ewé tó sì ń rùn, pàápàá pẹ̀lú ibà, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni.

Ẹ má fi ẹ̀rọ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ torí pé aago lù. Ìgbà tó bá yẹ ni kí ẹ fà á: bí ẹ bá ń gbọ́ ìró omi nínú túùbù, bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ti yọ sí ẹnu rẹ̀ tí ikọ́ kò gbé e jáde, tàbí bí ara aláìsàn kò bá lélẹ̀. Fífà tí kò nídìí máa ń ha ọ̀nà èémí, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ húkọ́ dáadáa.” Nígbà mìíràn, ikọ́ yẹn ti parí iṣẹ́.

Bó bá wá di dandan, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ọwọ́ aago rẹ̀ wà láàárín 100 sí 150 fún àgbàlagbà. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó kì bọ inú túùbù kò gbọdọ̀ gba ju ìdajì ààyè inú rẹ̀ lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ yọ 2 kúrò nínú nọ́ńbà túùbù, ẹ sọ ohun tó kù di ìlọ́po méjì. Túùbù nọ́ńbà 8 ń gba rọ́bà nọ́ńbà 12. Láti mọ bó ṣe yẹ kó jìn tó, ẹ kì í bọ inú túùbù ìpààrọ̀ títí orí rẹ̀ á fi yọ díẹ̀ nísàlẹ̀, tí kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, kí ẹ wọn gígùn náà kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri.

Bí rọ́bà bá ń wọlé, ẹ má ṣe dí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń fà á bọ̀ ni kí ẹ fi àtàǹpàkò dí i. Láti ìgbà tó wọlé títí tó fi jáde, ìṣẹ́jú àáyá 10 ló pọ̀ jù, nítorí ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́ aláìsàn lọ pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. Àwọn nọ́ọ̀sì kan a máa pa èémí tiwọn náà mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fà á. Bó bá ti ń ni wọ́n lára, wọ́n mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó tún un ṣe, kó má sì kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ túùbù àgbàlagbà jẹ́ méjì tó wọnú ara wọn. Ti ìta kì í kúrò lọ́rùn láìjẹ́ pé ilé ìwòsàn ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ti inú ni ẹ ó máa yọ fọ̀, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ju bẹ́ẹ̀ lọ bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ki. Ẹ fi ọwọ́ kan di apá túùbù ìta mú, ẹ fi èkejì yí ti inú títí yóò fi tú, kí ẹ fà á bí ó ṣe tẹ̀. Ẹ fi èyí tó mọ́ rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó máa fọ èyí tó dọ̀tí. Omi tó ti hó tó sì ti tutù, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún un, ti tó. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ẹ bá ṣì rí ohunkóhun níbẹ̀, kò tíì mọ́. Ẹ gbọn omi rẹ̀ nù, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ike mímọ́ tó ní ìdérí. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, ẹ má sì se èyí tó jẹ́ ike láìbéèrè. Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í fura sí ni gọ́ọ̀sì abẹ́ túùbù: ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e, nítorí fọ́nrán òwú etí rẹ̀ lè gba ihò wọnú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ wá jẹ́ ká wo òru kan. Bàbá kan ń lo túùbù nọ́ńbà 8, ọyẹ́ mú gan-an, iná sì ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbọ́ pé èémí bàbá ti di fèé bí ìgbà tí ènìyàn bá ń súfèé. Bàbá jókòó dìde, ó ń làágùn, ẹran ìdí ọrùn rẹ̀ ń wọnú nígbàkígbà tó bá mí. Ọmọ náà ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó pe 112. Kò sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Túùbù inú ló kọ́kọ́ yọ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gbígbẹ sì dí i pa. Èémí bàbá já gaara. Ó fi túùbù mímọ́ síbẹ̀. Ká ní ó kọ́kọ́ dojú kọ ẹ̀rọ ni, ìṣẹ́jú tí bàbá nílò ni ì bá fi ṣòfò.

Bí èémí kò bá padà, ẹ kì rọ́bà bọ̀ ọ́. Bí rọ́bà kò bá kọjá, tí túùbù náà sì ní fèrè kékeré tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ẹ fi síríńjì fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde. Bí kò bá tún yí padà, túùbù náà ti dí pátápátá. Ó gbọdọ̀ kúrò, kí ẹni tí ilé ìwòsàn ti kọ́ fi tuntun sí i. Bí nọ́ńbà kan náà kò bá wọ̀, ẹ fi èyí tó kéré sí i. Bí òun náà kò bá wọ̀, ẹ má fi agbára tì í, ẹ má sì dí ihò náà, nítorí aláìsàn lè máa gba ibẹ̀ mí títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ètè, ahọ́n tàbí èékánná tó ń ṣe bí aró, ìdààmú òjijì, tàbí oorun tí kò ṣeé jí nínú rẹ̀ kò yẹ kó bá yín lórí ìdúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń tú jáde. Bó tilẹ̀ dá fúnra rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló máa ń ṣáájú èyí tó pọ̀.

Ẹ bi dókítà yín ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó dá yín sílẹ̀: ṣé ẹnu àti imú bàbá ṣì so mọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀? Ẹni tí wọ́n ti gé gògóńgò rẹ̀ kúrò kò ní ọ̀nà míì ju ihò ọrùn lọ. Ọ́síjìn tí ẹ bá gbé sí i lẹ́nu kò ní dé ibi kankan, ọrùn ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ kọ ìdáhùn náà gàdàgbà sí òkè ibùsùn, kí ẹni tó bá wá ràn yín lọ́wọ́ lè kà á.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà ni àpótí kan gbọdọ̀ wà: túùbù ìpààrọ̀ nọ́ńbà kan náà àti èyí tó kéré sí i, túùbù inú mímọ́, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, síríńjì, okùn ọrùn, sísọ́ọ̀sì láti gé okùn, àti jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń pa túùbù kó lè yọ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ ìfàkẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tẹ̀ kún un, nítorí ìgbà tí kò bá sí iná. Bí aláìsàn bá ń jáde lọ síbi kan, àpótí náà ń bá a lọ.