Ìfiwéra Ọ̀nà Ìwúkàrà àti Ọ̀nà Àfàjáde Nínú Fífi Ìsomọ́ra Purotéènì Méjì Hàn: Àrùn Ilà Aláwọ̀ Ilẹ̀ Lára Ẹ̀gẹ́ Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

1.0 Ìfáárà

Ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe gàrí, láfún àti fùfú tí ọ̀pọ̀ ilé ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àrùn kan wà tí ó máa ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ láti abẹ́ ilẹ̀. Igi rẹ̀ lè dúró dáadáa lójú àgbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá wú u, inú rẹ̀ á ti gbẹ, á sì ti dúdú. Àrùn ilà aláwọ̀ ilẹ̀ ni iṣẹ́ yìí pè é. Storey ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1936, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tansaníà lónìí. Ìlà Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni ó ti ń ṣọṣẹ́ jù, ó sì jẹ́ ewu fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú. Fáírọ́ọ̀sì méjì, CBSV àti UCBSV, ni ó ń fà á.

Fáírọ́ọ̀sì kò lè dá ṣiṣẹ́ láìlo ohun tí ó bá nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn fáírọ́ọ̀sì ìdílé yìí ní purotéènì kan tí ó so mọ́ orí áà-ẹ́ǹ-éè wọn, orúkọ rẹ̀ ni VPg. VPg gbọ́dọ̀ di ọ̀kan nínú àwọn purotéènì ìdílé eIF4E mú, èyí tí ohun ọ̀gbìn fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ tí jíìnì rán. Márùn-ún ni irú purotéènì bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́: eIF4E, eIF(iso)4E-1, eIF(iso)4E-2, nCBP-1 àti nCBP-2. Èwo nínú wọn ni VPg ń dì mú? Ọ̀nà méjì tí a lè gbà dáhùn ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò.

2.0 Ọ̀nà Ìwúkàrà

Fields àti Song ni wọ́n gbé ọ̀nà yìí jáde ní ọdún 1989. Ohun tí wọ́n gbé e kà ni GAL4, purotéènì inú ìwúkàrà tí ó ní apá méjì. Apá kan ń di dí-ẹ́ǹ-éè mú, apá kejì ń jí jíìnì tí ó wà nítòsí. Bí a bá gé apá méjèèjì sọ́tọ̀, jíìnì náà kò ní jí. Ṣùgbọ́n bí a bá so purotéènì kan mọ́ apá àkọ́kọ́, tí a so òmíràn mọ́ apá kejì, tí purotéènì méjèèjì sì di ara wọn mú, apá GAL4 méjèèjì yóò tún súnmọ́ra, jíìnì yóò sì jí. Èyí tí ó wà lára apá àkọ́kọ́ ni a lè pè ní ìjẹ, èyí tí ó wà lára èkejì ni ẹja.

Bí a bá fi VPg ṣe ìjẹ, a ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú purotéènì ẹ̀gẹ́ márààrún ṣe ẹja. Ìwúkàrà tí a óò lò kò lè dá ṣe hisitidíìnì fúnra rẹ̀, àfi bí jíìnì HIS3 tí GAL4 ń jí bá ṣiṣẹ́. A ó gbìn ín sórí oúnjẹ tí kò ní hisitidíìnì, a ó sì fi í sí ibi tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tí ó bá hù ni ìjẹ àti ẹja ti pàdé nínú rẹ̀.

Ibi méjì ni àṣìṣe ti sábà máa ń wọlé. Èkíní, ìjẹ lè dá jí jíìnì láìsí ẹja kankan. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ gbin ìwúkàrà tí ó ní ìjẹ pẹ̀lú apá kejì GAL4 lásán. Bí ìyẹn náà bá hù, ẹ̀rí tí à ń wá kò tíì sí. Èkejì, bí ìwúkàrà kò bá hù, ó lè jẹ́ pé kò ṣe purotéènì náà rárá, tàbí pé purotéènì náà kò lè wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì níbi tí ìpàdé ti gbọ́dọ̀ wáyé. Nítorí náà, àìhù nìkan kò tó láti sọ pé purotéènì méjì kò somọ́ra.

3.0 Ọ̀nà Àfàjáde

Bí a bá fa igi ẹ̀gẹ́ tu, ohun tí ó ta sí ìdí rẹ̀ yóò bá a jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà yìí rí: a di purotéènì kan mú, a fà á, a sì wo ohun tí ó bá a jáde.

A lè fi àmì ìdánimọ̀ FLAG sára VPg, kí a fi àmì mìíràn, HA, sára nCBP-1, kí a sì jẹ́ kí ewé ìbátan tábà kan ṣe purotéènì méjèèjì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, a ó lọ ewé náà nínú òtútù, a ó fi omi tí ó ní ọṣẹ tí kò le pò ó, pẹ̀lú èròjà tí kì í jẹ́ kí purotéènì jẹrà. A ó bu díẹ̀ pamọ́ láti fi hàn pé purotéènì méjèèjì wà níbẹ̀. Ìyókù ni a ó pò mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí agbóguntàrùn tí ó mọ FLAG wà lára wọn. A ó fọ ìlẹ̀kẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sè é, a ó pín àwọn purotéènì rẹ̀ sórí jẹ́ẹ̀lì ní ìtóbi-ìtóbi, a ó sì fi agbóguntàrùn HA wá nCBP-1.

Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ náà máa ń bá ẹ̀gẹ́ jáde. nCBP-1 lè lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá erùpẹ̀ ni, a ó tún ṣe gbogbo iṣẹ́ náà pẹ̀lú ewé tí ó ní nCBP-1 ṣùgbọ́n tí kò ní VPg. Bí ilà nCBP-1 bá tún yọ níbẹ̀ bákan náà, èsì àkọ́kọ́ kò já mọ́ nǹkan kan. Fífọ̀ pẹ̀lú gba ọgbọ́n: bí a kò bá fọ̀ ọ́ tó, erùpẹ̀ á pọ̀, bí a bá fọ̀ ọ́ jù, ìsomọ́ra tí kò lágbára á já.

Ìṣòro tí ó tún jinlẹ̀ ni ti alárinà. Ìdílé eIF4E máa ń di orí áà-ẹ́ǹ-éè mú, VPg náà sì bá áà-ẹ́ǹ-éè tan. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì má fọwọ́ kan ara wọn rárá, kí ó jẹ́ pé áà-ẹ́ǹ-éè kan náà ni wọ́n jọ rọ̀ mọ́. Bí a bá fi ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ áà-ẹ́ǹ-éè run sí i kí a tó fà á, tí nCBP-1 sì tún bá VPg jáde, a lè yọ alárinà yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀. Purotéènì kẹta ṣì lè wà láàárín wọn.

4.0 Ìfiwéra

Ohun tí ọ̀nà méjèèjì ń jẹ́rìí sí kò dọ́gba. Ọ̀nà ìwúkàrà ń sọ pé purotéènì méjì lè di ara wọn mú nínú ilé àlejò, níbi tí àwọn alárinà inú ẹ̀gẹ́ kò sí. Ó sì rọrùn láti fi dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja wò. Ọ̀nà àfàjáde ń sọ pé àwọn méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì ohun ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí ó fọwọ́ kan ẹnì kejì.

Nítorí náà, bí èsì wọn bá takora, ìtumọ̀ wà fún un. Bí ìwúkàrà bá hù tí àfàjáde kò sì mú nǹkan jáde, ìsomọ́ra náà lè má lágbára tó láti fara da fífọ̀, tàbí kí purotéènì méjèèjì má máa pàdé nínú ewé. Bí àfàjáde bá mú un jáde tí ìwúkàrà kò hù, a lè fura sí alárinà, tàbí sí àtúnṣe kan tí ohun ọ̀gbìn máa ń ṣe sára purotéènì tí ìwúkàrà kò lè ṣe.

5.0 Ohun Tí A Rí Lára Ẹ̀gẹ́

Nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tí Gomez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, àwọn ìdánwò ìsomọ́ra fi hàn léraléra pé VPg ń bá nCBP-1 àti nCBP-2 rìn. Wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n fi irinṣẹ́ àtúnkọ jíìnì tí à ń pè ní Kírísípà ba jíìnì méjèèjì jẹ́ nínú ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ 60444, wọ́n sì kó CBSV bá a. Lára ẹ̀gẹ́ tí ó pàdánù jíìnì méjèèjì, àmì àrùn pẹ́ kí ó tó yọ, kò sì le tó ti tẹ́lẹ̀. Jíjẹrà abẹ́ ilẹ̀ dín kù, bẹ́ẹ̀ náà ni iye fáírọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, àrùn náà kò tán pátápátá. Ó ṣeé ṣe kí VPg ṣì rí ìdílé eIF4E yòókù lò, bí ìsomọ́ra wọn kò tilẹ̀ hàn dáadáa nínú ìdánwò.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìwúkàrà tí ó hù ń jẹ́rìí sí ìfọwọ́kanra tí ó ṣeé ṣe. Ilà tí ó yọ lórí jẹ́ẹ̀lì ń jẹ́rìí sí ìbákẹ́gbẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Kò sí èyí tí ó lè dá sọ pé ìsomọ́ra náà ni àrùn gbé ara lé. Ẹ̀gẹ́ tí a ti ba jíìnì rẹ̀ jẹ́ ni ó sọ ìyẹn, ó sì tún sọ ibi tí ẹ̀rí náà dé dúró.