Ìdí Tí Pọ́tà Fi Ń Lé Ènìyàn Jáde Kí Àsìkò Tó Pé

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi páswọ́ọ̀dù wọ pọ́tà fásitì, sáfà á ṣí fáìlì kékeré kan fún un, á sì kọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ síbẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní sẹ́ṣọ̀n. Nọ́ńbà fáìlì náà nìkan ni búráúsà máa ń fi pamọ́ sínú kúkì, òun ló sì máa ń gbé padà wá ní gbogbo ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ nǹkan. Bí sáfà kò bá rí fáìlì tó ní nọ́ńbà yẹn, ojú ewé ìwọlé ló máa tún gbé jáde, bí ẹni pé kò rí onítọ̀hún rí. Lórí pọ́tà tí wọ́n fi PHP kọ, PHPSESSID ni orúkọ kúkì náà sábà máa ń jẹ́. Bí sáfà bá sì jẹ́ Debian tàbí Ubuntu, inú /var/lib/php/sessions ni fáìlì náà máa ń wà.

Níbi tí sáfà bá ti jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ká ní pọ́tà ìforúkọsílẹ̀ kan ní sáfà mẹ́ta, tí Nginx sì wà níwájú wọn tó ń pín èrò fún wọn. Bí wọn kò bá fún Nginx ní ìlànà mìíràn, ńṣe ló máa ń pín in yípo: ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé lórí sáfà kìíní lè bá ara rẹ̀ lórí ìkejì nígbà tó bá tún tẹ nǹkan, fáìlì rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó dá àjọ lọ́wọ́ alájọ kan, tó wá lọ ń gbà á lọ́wọ́ alájọ mìíràn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n kọ ip_hash sínú ètò Nginx, kí ẹni kọ̀ọ̀kan lè máa lọ sí sáfà kan náà nígbà gbogbo. Apá mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àdírẹ́sì IPv4 onítọ̀hún ni Nginx fi ń mọ ibi tó máa darí rẹ̀ sí. Èyí ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Fóònù ni kò bá a lọ, torí bí ẹni tó ń lò ó bá kúrò lórí Wi-Fi bọ́ sórí dátà, àdírẹ́sì yí padà nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó já sọ́dọ̀ sáfà tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Àtúnṣe tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa kó sẹ́ṣọ̀n sí ibi kan náà, bíi Redis. Wọ́n lè wá yọ ip_hash kúrò. Síbẹ̀, ibí gan-an ni àṣìṣe tó ṣòro jù láti rí ti máa ń wọlé.

Nínú ètò PHP, session.gc_maxlifetime ló ń sọ iye àkókò tí sẹ́ṣọ̀n tí a kò lò máa fi wà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, ìṣẹ́jú àáyá 1440 ni, ìyẹn ìṣẹ́jú 24. Ká ní wọ́n sọ ọ́ di 7200, ìyẹn wákàtí méjì, lórí sáfà kìíní àti ìkejì, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbàgbé ẹ̀kẹta. Sáfà tó bá dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn kẹ́yìn ló ń tún ọjọ́ orí sẹ́ṣọ̀n kọ sínú Redis. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi fọ́ọ̀mù pamọ́ ní aago 10:05, tó sì jẹ́ pé sáfà kẹta ló gbà á, sẹ́ṣọ̀n á kú ní 10:29. Ká ní sáfà kìíní ló gbà á ni, ì bá wà títí di 12:05. Nítorí náà, ẹnì kan á lọ jẹun, á padà wá bá iṣẹ́ rẹ̀; ẹnìkejì rẹ̀ á ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, pọ́tà á sì ti lé e jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ á wá máa sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i kedere, kó wọlé, kó máa tẹ ojú ewé kan léraléra, kó sì máa yẹ iye tó kù wò lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ìfikún phpredis ni pọ́tà ń lò, àṣẹ náà nìyí, kó fi nọ́ńbà tó wà nínú kúkì rẹ̀ rọ́pò ID:

```
redis-cli TTL "PHPREDIS_SESSION:ID"
```

Bó bá ń rí nǹkan bíi 7200, 7200, tó ṣàdédé di 1440, ọwọ́ ti tẹ sáfà náà. Kí ó má gbára lé àṣẹ `php -i` láti fi yẹ ètò wò, torí lórí Debian, php.ini ti ojú àṣẹ yàtọ̀ sí èyí tí wẹ́ẹ̀bù ń kà. Ojú ewé phpinfo() tí sáfà kọ̀ọ̀kan bá gbé jáde fúnra rẹ̀ ló ń sọ òótọ́. Kí wọ́n sì pa á rẹ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò, kó má di ohun tí ará ìta ń kà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò nílò láti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù. Kó kọ aago tó tẹ nǹkan kẹ́yìn àti aago tí pọ́tà lé e jáde ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó o: bí àlàfo àárín wọn bá ju ìṣẹ́jú 24 lọ díẹ̀, wọ́n ti mọ ètò tí wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.