Ṣé O Mọ̀? Afẹ́fẹ́ Tó Ń Sọ Òjò Di Kíkan Kọ́ Ló Ń Mú Ayé Gbóná

Ṣé o mọ̀ pé kò sí òjò tí kò ní ásíìdì nínú? Kódà èyí tó rọ̀ sí àárín igbó kìjikìji. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, CO2 tí gbogbo wa ń mí síta, máa ń yọ́ sínú ẹ̀kán òjò, á sì di ásíìdì tí kò le, irú èyí tó wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lórí òṣùwọ̀n pH, 7 ni omi lásán. Òjò tó mọ́ jẹ́ bíi 5.6. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń wálẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i, ìlọ́po mẹ́wàá sì ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Òjò tó bá wọ 4.6 ti kúrò ní èyí tí Ọlọ́run rọ̀ fún wa.

Ṣé o mọ̀ pé imí-ọjọ́ ló wà nídìí rẹ̀? Ó wà nínú èédú tí wọ́n ń wà jáde nílẹ̀. Ká mú èédú tọ́ọ̀nù kan, kí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ jẹ́ kílò 20. Bó bá ti jóná, átọ̀mù imí-ọjọ́ kọ̀ọ̀kan á so mọ́ ọ́ksíjìn méjì, á di SO2. Ìwúwo ọ́ksíjìn méjì kò yàtọ̀ sí ti imí-ọjọ́ kan, nítorí náà kílò 20 á di 40. Lójú ọ̀run, SO2 yìí á tún gba ọ́ksíjìn sí i, á pàdé omi, á sì di H2SO4, ásíìdì kan náà tí wọ́n ń bù sínú bátìrì mọ́tò. Ó ti di nǹkan bíi kílò 61 nìyẹn, látinú èédú tọ́ọ̀nù kan péré!

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó dáná lè má rí òjò náà? Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ihò èéfín gíga gíga kí èéfín má bàa bo àdúgbò wọn, ni atẹ́gùn bá gbé e kọjá òkun lọ sí Nọ́wè àti Súwídìn. Níbi tí òkúta ẹfun bá wà nílẹ̀, òkúta náà á pa ásíìdì kú. Àmọ́ òkúta gíránáìtì ló pọ̀ ní gúúsù Nọ́wè, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ásíìdì wá ń fa alumíníọ̀mù jáde látinú ilẹ̀ sínú adágún, èyí sì ń lẹ̀ mọ́ ihò tí ẹja fi ń mí, títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára rẹ̀. Omi irú adágún bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mọ́ gaara débi pé o lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àlejò á ní omi tó dáa nìyí.

Ṣé o mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ náà ń dá sí i? Ooru inú ẹ́ńjìnnì ń so náítírójìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ksíjìn. Ó ń di NO, lẹ́yìn náà NO2, lẹ́yìn náà ásíìdì HNO3. Má ṣì í mú fún N2O o! Ilẹ̀ tí wọ́n da ajílẹ̀ sí ni púpọ̀ nínú ìyẹn ti ń jáde, kì í sọ òjò di kíkan. Ooru ló ń mú dúró, ó sì ń lò ju 100 ọdún lọ lókè.

Ṣé o mọ̀ pé náítírójìn àti ọ́ksíjìn, tó kó 99% afẹ́fẹ́ gbígbẹ, kì í mú ooru ilẹ̀ dúró? Átọ̀mù méjì tó jọra ló so pọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ooru ò sì rí ibi dì mú. Mẹ́ta ni ti CO2, ó ń tẹ̀, ó ń nà. Bó ṣe ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ooru tó ń gòkè láti ilẹ̀ mì, tó sì ń tú u ká síbi gbogbo, títí kan ìsàlẹ̀. Oruku omi, mẹ́táànì àti N2O ń ṣe bákan náà. Láìsí wọn, ayé ì bá wà ní nǹkan bíi digiri 18 sísàlẹ̀ òdo.

Padà sórí èédú tọ́ọ̀nù kan wa. Bí kábọ́ọ̀nù bá jẹ́ kílò 700 nínú rẹ̀, CO2 tó máa jáde á ju tọ́ọ̀nù méjì àtààbọ̀ lọ. SO2 á wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Apá kan tó pọ̀ nínú CO2 á ṣì wà lókè fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan.

Ṣé o mọ̀ pé SO2 tiẹ̀ ń mú ayé tutù? Nígbà tí òkè Pinatubo bú gbàmù ní Fílípìnì lóṣù Kẹfà 1991, ó tu nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 15 SO2 sókè. Ẹ̀kán ásíìdì tín-ín-tìn-ín tó dá sílẹ̀ ń ta ìtànṣán oòrùn padà, ayé sì fi nǹkan bí ìdajì digiri tutù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2020, òfin àgbáyé ti dín imí-ọjọ́ inú epo ọkọ̀ òkun kù láti 3.5% sí 0.5%. Ásíìdì dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbòjú tó ń dí oòrùn lójú òkun náà fẹ́lẹ́ sí i, CO2 tí àwọn ọkọ̀ ọ̀hún ti tú sílẹ̀ látọdúnmọ́dún sì ṣì wà lókè.