Bò Ó, Má Nù Ún Dànù: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ẹ̀yìn Fọ́tò

Obìnrin kan wé gèlè aṣọ òkè, ó ya fọ́tò ọjọ́ ìbí níwájú ògiri funfun, ó wá ní kí wọ́n gbé òun sínú ọgbà òdòdó. Ayàwòrán mú Eraser, ó nu ògiri dànù, ó gbé àwòrán ọgbà sábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ parí. Lọ́jọ́ kẹta, ìpè wọlé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣóńṣó gèlè mi ti gé. Ewé ẹ̀yìn yẹn náà ti tutù jù, ó ń gba ojú lọ́wọ́ mi.”

Lójú oníbàárà, àtúnṣe kékeré ni. Lọ́wọ́ ayàwòrán, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Eraser kì í fi nǹkan pamọ́, ṣe ló ń pa á rẹ́, ṣóńṣó gèlè sì ti bá ògiri lọ. Ctrl+Z kò lè gbà á. Ìgbésẹ̀ 50 péré ni Photoshop ń rántí bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, tí a bá sì ti pa fáìlì dé, ó gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Léyà ni oògùn rẹ̀. Ẹ fojú inú wo gíláàsì tí a tò lé ara wọn: obìnrin náà wà lórí ọ̀kan, ọgbà wà lórí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, a sì lè fọwọ́ kan ọ̀kan láìba èkejì jẹ́. Ọdún 1994 ni léyà wọ inú Photoshop, nínú ẹ̀dà 3.0. Ṣùgbọ́n léyà nìkan kò tó, torí orí léyà náà ni ayàwòrán wa ti fi Eraser pa gèlè rẹ́. Máàsìkì ló yẹ kó lò. Ìyẹn ni pé kó fi Select Subject mú obìnrin náà, kó má tẹ Delete, kó tẹ Add layer mask nísàlẹ̀ páànù Layers. Àpótí kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ léyà. Ibi tó bá dúdú nínú rẹ̀ ń bo àwòrán, ibi tó funfun ń fi í hàn, eérú sì ń fi í hàn díẹ̀díẹ̀. Ògiri ṣì wà níbẹ̀, a kàn bò ó ni. Bí gèlè bá gé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kun ibẹ̀, yóò padà wá. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé àpótí máàsìkì lẹ tẹ̀, kì í ṣe àpótí fọ́tò. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú oníbàárà lẹ máa kùn ní ọ̀dà funfun. Tí ẹ bá di Alt mú, tí ẹ tẹ máàsìkì, òun nìkan ni yóò hàn, ẹ ó sì rí gbogbo ihò àti àbàwọ́n tí ojú fò.

Ọgbà ńkọ́? Ẹ fi File > Place Embedded gbé e wọlé, yóò wọlé bí Smart Object, èyí tó ń tọ́jú ojúlówó àwòrán sínú ara rẹ̀. Bí ẹ bá sọ léyà lásán di kékeré, tí ẹ tún fà á tóbi padà, á ṣú. Smart Object kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fà á kọjá bó ṣe tóbi tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi Gaussian Blur sí i kí ẹ̀yìn lè rọ̀, yóò dúró lábẹ́ rẹ̀ bíi Smart Filter. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ 8 di 14, ó tán. Bí ẹ bá fi blur náà sórí léyà lásán kí ẹ tó sọ ọ́ di Smart Object, blur yẹn ti wọ inú àwòrán, kò lè jáde mọ́.

Fún ewé tó tutù jù, Hue/Saturation ni, ṣùgbọ́n ẹ má mú un láti Image > Adjustments, inú Layer > New Adjustment Layer ni kẹ́ ẹ ti mú un. Ẹ gbé e sórí ọgbà, ẹ tẹ Ctrl+Alt+G kó lè mọ sórí ọgbà nìkan, kí ẹ wá fa Saturation sí -25. Bí obìnrin náà bá ní ó ti ṣá jù, ẹ dá a padà sí -10.

Ó ní ibi tí ọgbọ́n yìí mọ. Ká ní wáyà iná kan kọjá lókè ọgbà, tí ẹ fẹ́ fi Clone Stamp bò ó. Smart Object kì í gba búrọ́ọ̀ṣì. Photoshop á bi yín bóyá kó sọ ọ́ di léyà lásán. Ẹ kọ̀. Orí léyà òfìfo ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú Current & Below. Àmọ́ ìlẹ̀pa yẹn kò ní tẹ̀ lé ọgbà tí ẹ bá yí blur padà lẹ́yìn náà. Yóò hàn kedere láàárín ibi tó ṣú. Nítorí náà, ẹ tẹ Smart Object lẹ́ẹ̀mejì, kó ṣí, ẹ bo wáyà náà nínú rẹ̀ lórí léyà òfìfo, ẹ tẹ Layer > Flatten Image bó bá jẹ́ JPEG, ẹ sì tẹ Save. Blur á wá borí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, PSD ni kẹ́ ẹ fi pamọ́ fún ara yín, bó tilẹ̀ wúwo. JPEG tó ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà kì í gbé léyà kankan lọ.