Ẹ Tètè Sọ Fún Un Pé Iṣẹ́ Ti Bọ́ Sọ́wọ́ Ẹlòmíràn

"A ó pè yín" ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ fún agbaṣẹ́ṣe tí a kò ní gbéṣẹ́ fún. Ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ yóò máa retí ìpè. Bó bá jẹ́ sólà ló ń rì, ó lè ti bẹ ọlọ́jà ní Alábà pé kó bá òun fi bátìrì sílẹ̀, kó sì ti dá oníbàárà mìíràn dúró nítorí tiwa. Dọ́là kì í jẹ́ kí iye owó ọjà yìí dúró pẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ wa ń ná an lówó, ó sì dùn mí pé a máa ń pè é ní ọmọlúàbí.

Ká ní ilé-ìwé kékeré kan l'Ábẹ́òkúta fẹ́ ra ínfátà. Agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta wá ka fáànù àti gílóòbù, wọ́n sì kọ iye owó wá. Ọ̀kan nínú wọn kọ bátìrì olómi. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bu omi sí i, yàrá tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ló sì yẹ ẹ́. Ilé-ìwé náà kò ní méjèèjì. Ẹni tó mú lítíọ́ọ̀mù wá ni wọ́n yàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Ìyá tó ni ilé-ìwé lè ní, "Owó yín ti pọ̀ jù." Kò ní tíì sọ̀ ọ́ tán tí ọkùnrin náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó. Kí a tó sọ ìdí kankan, ká bi ara wa pé: bó bá tún èyí ṣe, ṣé a ó gbà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìdúnàádúrà ṣì wà nílẹ̀, ká padà sídìí ẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpinnu ni kó ṣáájú, kí ìdí tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tí ẹni tí a yàn bá ti gba àsansílẹ̀ ni kí ìṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù, báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá wo ilé-ìwé wa. Iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, a sì ti san àsansílẹ̀ lónìí. Bátìrì olómi ni kò bá wa mu, torí a kò rí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ má tọ́jú ọjà kankan dè wá mọ́."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ló tú ọwọ́ ọkùnrin náà sílẹ̀. Ẹ má sọ iye tí ẹnìkejì gbà fún un. Ẹ má sì fi "bó bá di ìgbà mìíràn" kún un, àfi bí iṣẹ́ gidi bá wà níwájú tí ẹ lè dárúkọ.

Ó ṣeé ṣe kó pè, kó ní òun náà lè mú lítíọ́ọ̀mù wá. Ẹ má bá a jiyàn lórí bátìrì. "Mo gbọ́ yín, ẹ ṣeun gan-an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti kúrò nílẹ̀, sà." Bó bá tún pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ sọ, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan náà.