Ọgọ́rùn-ún Náírà Péré Ló Kù

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ta sóbò nínú ọgbà yunifásítì gbà pé òwò òun ń mówó wọlé dáadáa. Ìgò 50 ló ń sè lẹ́ẹ̀kan. Ewé sóbò, ṣúgà, atalẹ̀ àti ìgò ń gba 10,000 náírà, ó sì ń ta ìgò kan ní 300. Lójú tirẹ̀, èrè 5,000 náírà ti dájú.

Ṣùgbọ́n owó náà kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀, ó rí ohun tó ti ń gbójú fò dá: gáàsì 1,500, yìnyín 1,000, owó ọkọ̀ 1,200. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n mú iná lọ mọ́jú, ìgò mẹ́rin sì kan. Wọ́n ń hó, òórùn wọn ti yí padà. Ìgò 46 tó tà mú 13,800 wọlé, ìnáwó sì jẹ́ 13,700. Làálàá tirẹ̀ kò tíì sí nínú ìṣirò yìí o! Ó dùn ún, ó sì yẹ kó dùn ún.

Láti ìgbà náà, ó ń gba ìdajì owó lọ́wọ́ oníbàárà kó tó gbé ìkòkò kaná. Ìgò kan ti di 350, ìgò 30 péré ló sì ń sè báyìí.